Ẹgbẹ̀fà Kàdúná Tí Kò Tó Ná

Ọ̀rọ̀ tí Gómìnà Uba Sani bá àwọn ará Kàdúná sọ ní Sátidé, ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 2024, ti dé gbogbo ilé: ó ní òun bá gbèsè $587 mílíọ̀nù nílẹ̀. ₦10 bílíọ̀nù ni ìpín ìpínlẹ̀ náà láti Àbújá lóṣù yẹn. Gbèsè ti gba ₦7 bílíọ̀nù nínú rẹ̀ kó tó dé. ₦3 bílíọ̀nù tó ṣẹ́ kù kò tó san owó oṣù òṣìṣẹ́, tó jẹ́ ₦5.2 bílíọ̀nù. Àjẹsílẹ̀ gbèsè ni kì í jẹ́ kí ẹgbẹ̀fà ó tó ná: ó dà bíi pé Kàdúná gan-an ni àwọn àgbà ń wò nígbà tí wọ́n pa òwe náà.

Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí kálukú ń bi ara wọn ni pé ta ló jẹ gbèsè yìí, kí ló fi ṣe. Ìbéèrè tó tọ́ ni, kí àwọn aṣòfin bá wa bi í dé ìdí. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní wọn kò jí kọ́bọ̀ nínú owó náà, ká ní gbogbo rẹ̀ ló di ọ̀nà àti ilé ìwé, wàhálà tó dé bá Kàdúná lóṣù Kẹta yẹn ì bá ṣì dé bá a. Dọ́là ni wọ́n yá. Náírà ni wọ́n fi ń san án. Ibẹ̀ ni ìwé ìròyìn yìí ti ń pariwo sí láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ wo $587 mílíọ̀nù tí gómìnà ní òun bá nílẹ̀. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi ₦470 ni ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là kan. Nígbà náà, gbèsè yẹn jẹ́ nǹkan bíi ₦276 bílíọ̀nù. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Nígbà tí gómìnà fi ń sọ̀rọ̀, dọ́là kan ti tó ₦1,300, gbèsè kan náà sì ti lé ní ₦760 bílíọ̀nù. Gbèsè kò lé dọ́là kan, síbẹ̀ ohun tí ará ìlú máa fi san án ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́wàá.

Owó tó tó báyìí máa ń pọ̀ jù fún ojú, nítorí náà ká mú èyí tó kéré, ká ṣírò ọ̀kan ṣoṣo dé ìdí. Ká ní ìpínlẹ̀ kan yá $20 mílíọ̀nù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017. Èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, èlé nìkan ni wọn yóò máa san. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá máa dá ojú owó padà fún ọdún mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, $1 mílíọ̀nù lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú èlé lórí èyí tó bá kù. ₦305 ni dọ́là lọ́dún 2017, nítorí náà ₦6.1 bílíọ̀nù ni owó tó wọ àpò ìpínlẹ̀ náà.

Oṣù Kẹta ọdún 2023 ni àkọ́sán dé. Ojú owó jẹ́ $1 mílíọ̀nù, èlé oṣù mẹ́fà lórí $20 mílíọ̀nù sì jẹ́ $200,000. Lápapọ̀ ó jẹ́ $1.2 mílíọ̀nù. Nígbà tí dọ́là jẹ́ ₦460, ₦552 mílíọ̀nù ni wọ́n san. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, $19 mílíọ̀nù ló kù, èlé ti wálẹ̀ sí $190,000, owó sísan sì ti di $1.19 mílíọ̀nù. Ṣùgbọ́n dọ́là ti di nǹkan bíi ₦770, nítorí náà ₦916 mílíọ̀nù ni wọ́n san. Oṣù Kẹta ọdún 2024 ló kan ẹlẹ́ẹ̀kẹta: $1.18 mílíọ̀nù, ní ₦1,300, ó di ₦1.534 bílíọ̀nù.

Ẹ fi ìṣirò méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú ìwé ẹni tó yá wọn lówó, owó sísan ń dín kù nígbà kọ̀ọ̀kan. Nínú àpò ẹni tó ń san án, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta láàárín ọdún kan. Láìka èlé ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, ₦3 bílíọ̀nù ni ìpínlẹ̀ náà ti san lórí ₦6.1 bílíọ̀nù tó gbà. Ẹ jọ̀ọ́, èló ló kù? $17 mílíọ̀nù. Ní ₦1,300, ₦22.1 bílíọ̀nù nìyẹn. Olówó sógúndógójì ayé àtijọ́ tó ń gba ogójì lórí ogún kò tó èyí, a sì tún máa ń bú u.

Àwọn aláṣẹ ní èsì kan tí wọ́n máa ń fún wa, a ti mọ̀ ọ́n sórí: owó òkèèrè dínwó, ìdá 2 ni èlé rẹ̀, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ń san nǹkan bí ìdá 16 lórí náírà tó yá nínú ilé lọ́dún 2017. A ṣírò ọ̀rọ̀ yìí fún wọn láìṣègbè. Bí èlé bá jẹ́ 2 lọ́hùn-ún, tó sì jẹ́ 16 níbí, àyè wà fún dọ́là láti fi nǹkan bí ìdá 14 gbówó lórí lọ́dọọdún kí gbèsè òkèèrè tó di èyí tó wọ́n jù. Láti orí ₦305, ibi tí àyè yẹn máa dé ní àárín ọdún 2023 jẹ́ nǹkan bíi ₦640. Dọ́là ṣì wà ní ₦470 nínú ìwé ìjọba nígbà náà. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, nígbà náà. Láàárín ọ̀sán ọjọ́ kan ni òótọ́ yẹn bà jẹ́. Tí a bá ṣírò rẹ̀ dé oṣù Kẹta ọdún 2024, apá tí wọn kò tíì san nínú gbèsè yẹn ti ná ìpínlẹ̀ ní èlé tó lé ní ìdá 27 lọ́dún ní náírà. Ìdá 2 tí wọ́n ń fi yangàn wà nínú ìwé lásán.

Ẹ má sì sọ fún wa pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Kí ọdún 2023 tó dé ìdajì, ẹnikẹ́ni tó bá gba Sóònù 4 ní Wúsè, l'Ábùjá, kọjá mọ̀. Àwọn àbókí tó ń ṣẹ́ owó lábẹ́ igi ń ta dọ́là ní bíi ₦750, nígbà tí ìwé ìjọba ń sọ ₦470. Nígbà tí iye méjì bá jìnnà síra tó báyẹn, ọ̀kan nínú wọn ń parọ́, ọjọ́ tí irọ́ náà bá sì tú ni gbogbo gbèsè dọ́là yóò fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò gba ọ̀mọ̀wé. Ó gba kí kọmíṣọ́nnà kan sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó béèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta irin iṣẹ́ ní Páńtẹ́kà ní Kàdúná fi ìwé àwìn rẹ̀ han oníròyìn wa. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ lásán ni, èépá epo ọkọ̀ wà lára rẹ̀. Ó ti fa ìlà sí i: dọ́là tó jẹ ẹni tó ń kó ọjà fún un wà lápá òsì, náírà wà lápá ọ̀tún. Lórí ojú ewé kan, ó ti fi bírò pupa fagi lé náírà náà nígbà mẹ́ta, ó ń kọ òmíràn sórí rẹ̀, dọ́là kò sì yí padà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti fi kún ìlà kan. Kí n tó gba ọjà dọ́là láwìn báyìí, mo máa kọ ohun tí mo máa san sílẹ̀ bí dọ́là bá di ìlọ́po méjì. Bí mi ò bá lè san ìyẹn, mi ò ní í gbà á.” Ọkùnrin yìí kò ní olùdámọ̀ràn pàtàkì lórí ètò ọrọ̀ ajé.

Wọ́n tún máa ń sọ pé bí dọ́là bá gbówó lórí, owó epo rọ̀bì tí à ń pín náà á pọ̀ sí i ní náírà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tó jẹ gbèsè àti èyí tí kò jẹ ló jọ ń rí àlékún yẹn, ẹni tó jẹ dọ́là nìkan ni wọ́n ń gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í sì í ṣe Kàdúná ló ń mú owó lọ fún olówó. Ìjọba àpapọ̀ ló ń san án sókè òkun, wọ́n á wá yọ ọ́ lára ìpín ìpínlẹ̀ ní Àbújá kó tó kúrò níbẹ̀. Gbèsè ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ. Olùkọ́ tó wà ní Sàbọ̀n Táṣà, ẹ̀yìn ló wà.

Nítorí náà, ohun tí a béèrè tẹ́lẹ̀ la tún ń béèrè. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó gbèsè máa ń tẹ iye dọ́là tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ jáde, ẹ ṣeun. Ìyẹn kò tó. Kí wọ́n tẹ àkókò ìsanwó rẹ̀ jáde, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: ọjọ́ tí yóò san, iye dọ́là, iye tí wọ́n fi ṣẹ́ ẹ nígbà tí wọ́n yọ ọ́, àti náírà tó lọ. Nínú ₦7 bílíọ̀nù Kàdúná, kí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ya èyí tó jẹ́ ti dọ́là sọ́tọ̀ kí a rí i. Kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kankan má sì buwọ́ lu ìwé gbèsè òkèèrè mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ rí owó sísan rẹ̀ ní iye mẹ́ta: iye òní, ìlọ́po kan ààbọ̀, àti ìlọ́po méjì. Ọ̀sán kan péré lèèyàn máa fi ṣe é. Ọkùnrin Páńtẹ́kà ti ń ṣe é.

Ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ kò gbọ́ nígbà náà. Nínú ètò ìṣúná ọdún 2024 tí ààrẹ buwọ́ lù lọ́jọ́ kìn-ín-ní ọdún, ₦800 ni wọ́n fi dọ́là sí. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìpínlẹ̀ wa tó yá $20 mílíọ̀nù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, $1.17 mílíọ̀nù ló kàn án láti san. Bí kọmíṣọ́nnà bá fi ₦800 ṣe é, ₦936 mílíọ̀nù ló máa wà nínú ìwé rẹ̀. Bí dọ́là bá dúró sórí ₦1,300 tó wà lóṣù Kẹta, ₦1.521 bílíọ̀nù ni wọn yóò yọ ní Àbújá. ₦585 mílíọ̀nù tó wà láàárín méjèèjì, owó oṣù ta ni wọ́n fẹ́ mú un nínú rẹ̀?