Ta Ló Sọ Pé Ẹ̀yìn Ogun Ni Ẹ́ńjíníà Ológun Ń Wà?

Níbi ìkómọjáde kan ní Ìkọ̀lé láìpẹ́ yìí, bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ń yọ̀ pé wọ́n mú ọmọ òun sí ẹ̀ka ẹ́ńjíníà nínú iṣẹ́ ológun. Ó ní, "Ọkàn mi balẹ̀. Bí ìjà bá parí tán ni wọ́n ń pe àwọn yẹn wá ṣe afárá." Gbogbo àwọn tó jókòó tì í ló ń mirí. Èmi rọra ń jẹ iyán mi, torí a kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ da ayẹyẹ rú. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi. Iṣẹ́ ẹ́ńjíníà ológun ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ìlú tí mo yà sí ní Èkìtì tí wọn kì í ti sọ ọ́ fún mi.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí etíkun Omaha ní Normandy, nílẹ̀ Faransé, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn ará Jámánì ti gbin òpó igi àti irin sínú iyanrìn etíkun náà, wọ́n sì so bọ́ǹbù mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí omi òkun bá kún, yóò bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó bá ń bọ̀ yóò kàn gùn ún lójijì. Nítorí náà ni àwọn Amẹ́ríkà, tó ń gba orí òkun bọ̀ wá kọlù wọ́n, ṣe yan ìgbà tí omi fà sẹ́yìn, kí ìdènà lè hàn síta. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni ìkọlù bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré lẹ́yìn náà ló yẹ kí àwọn ẹ́ńjíníà balẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó ń fi ẹ̀tù fọ́ ìdènà láti ọ̀dọ̀ ológun ojú omi, kí wọ́n la ọ̀nà 16, tí ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà 45.

Ìbọn ń rọ̀ lé wọn lórí láti orí òkè. Ẹni tó ń yìnbọn lè dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn ohun kan kó sì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjíníà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: ó gbọ́dọ̀ dìde, kó so àpò ẹ̀tù kéékèèké mọ́ òpó kan, kó sáré lọ sí òmíràn, kó fi okùn abúgbàmù so gbogbo wọn pọ̀ kí wọ́n lè bú lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n so ó tán níbòmíràn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ti wá sá pamọ́ sẹ́yìn òpó kan náà. Ta ni yóò tanná sí i? Àwọn mìíràn, ọta ọ̀tá ló bá ẹ̀tù tí wọ́n gbé dání. Nínú katapílà 16 tí wọ́n kó bọ̀, mẹ́fà ló gúnlẹ̀, ìbọn ńlá sì tètè ba mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́. Omi òkun kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó kún, ó lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà tó tún fà lọ́sàn-án ni wọ́n padà sídìí òpó tó kù. Nínú àwọn ẹ́ńjíníà ọmọ ogun orí ilẹ̀ tó ṣe iṣẹ́ yìí, bí ìdá méjì nínú márùn-ún ló kú, tàbí tó fara gbọgbẹ́, tàbí tí a kò rí mọ́. Ọ̀pọ̀ wọn, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni. Ṣé ẹ̀yìn ogun nìyẹn?

Wọ́n á ní afárá yàtọ̀. Afárá Bailey tí a kọ́ wa ní Makurdi, páńẹ́lì irin rẹ̀ kan wúwo ju kìlò 250 lọ, ọkùnrin mẹ́fà ló ń gbé e. Etí odò tiwa la ti ń tò ó pọ̀, tí a ó sì máa tì í lórí rólà títí imú rẹ̀ yóò fi kan òdìkejì. Irin ń lu irin, ariwo rẹ̀ ń lọ jìnnà lóru. Táǹkì kò lè kọjá kí a tó parí rẹ̀, ọ̀tá sì mọ ibi tí a wà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ páńẹ́lì kò lè gbé ìbọn.

Bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀ ńkọ́? Bí ẹ̀rọ kò bá sí, ìdọ̀bálẹ̀ la ń wá a. A ó ká apá aṣọ sókè, a ó fi ìka wá okùn tín-ín-rín, lẹ́yìn náà ni a ó gún irin wọ ilẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kó lè kan ẹ̀gbẹ́ bọ́ǹbù, kó má kan orí rẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Nínú iyanrìn, ọwọ́ á sọ fún ọ. Nínú ilẹ̀ olókùúta bíi ti Ẹ̀fọ̀n, gbogbo gígún ló ń jọ irin, ó sì ń jẹ́ kí iṣẹ́ falẹ̀ gidigidi. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ wà lẹ́yìn, wọ́n ń dúró de ẹni tó wà nílẹ̀ yẹn.

Ó dáa, àwọn kan wà lẹ́ka náà tí bárékè àti ọ̀nà ni wọ́n ń kọ́, tí wọn kò sì gbọ́ ìbọn rí. Kò sí ẹni tó lè sọ ibi tí wọ́n máa gbé ọmọ bàbá yẹn sí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tún sọ pé ọkàn wọn balẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ bi í léèrè bóyá iṣẹ́ bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ọ.