Àpò omi 600 tó túká: ta ló dalẹ̀?

Ọ̀dọ́ Àjàṣẹ́: Ẹ̀yin ará ilé, ilé iṣẹ́ omi ọ̀rá mẹ́rin ló wà ládùúgbò wa ní Àjàṣẹ́ níbí. Ó pẹ́ tí àpò kan ti wà ní 500 fráǹkì. Iná wọ́n, ọ̀rá wọ́n, 500 ò yẹsẹ̀. Wọ́n wá ṣèpàdé, wọ́n fẹnu kò sí 600. Kò pẹ́ tó fi túká. Kí ló ń mú kí owó náà dúró sójú kan, kí ló sì dé tí àdéhùn wọn ò lè dúró?

Sódábì Gbóná: 600 fún omi? Ẹ fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú sódábì mi. Ìyẹn tiẹ̀ ń mú èèyàn kọrin.

Ọmọ Kétu Pọ́ńbélé: Ojúkòkòrò ni. Ọ̀rọ̀ parí.

Tíṣà Lìsée: Kò parí o, àbúrò. Ẹ jẹ́ ká fi owó sọ ọ́. Ká ní ọ̀kan nínú wọn ń ta 200 àpò lójúmọ́ ní 500, tí àpò kan sì ń ná an ní 350. Èrè rẹ̀ jẹ́ 30 000. Bó bá sọ ọ́ di 550, àwọn mẹ́ta yòókù ò ní tẹ̀lé e. Wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa gba oníbàárà rẹ̀ wọlé. Ká ní 110 àpò ló kù tó ń tà, èrè di 22 000. Bó bá já a sí 450, wọn ò ní gbà kó kó ọjà lọ mọ́ wọn lọ́wọ́, gbogbo wọn á já a lọ́jọ́ kejì. Bóyá 210 ni yóò tà, èrè di 21 000. Ó gòkè, ó pàdánù. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó pàdánù. Kódà bí ọ̀rá bá gbówó lórí tí àpò kan wá ń ná an ní 370, ibi 500 náà ló ṣì máa jókòó sí, torí ó ń mú 26 000 wá, 550 ò sì lè mú ju 19 800 lọ. Bí ẹ bá fi ìlà ya iye àpò tó ń tà ní owó kọ̀ọ̀kan, ìlà náà á ṣẹ́ bí ìgúnpá níbi 500 gan-an. Sweezy, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1939. Hall àti Hitch ní Oxford náà kọ irú rẹ̀ lọ́dún yẹn.

Àgbà Zém: Tíṣà, ẹ má tàn wá. Kpayo ńkọ́? Nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, ta ló dúró sójú kan? Gbogbo ìgò ojú títì ló jọ gbówó lé. Kò sẹ́ni tó dákẹ́ kó máa gba oníbàárà ẹnikẹ́ni.

Tíṣà Lìsée: Torí gbogbo wọn ló jọ rà á wọ́n, ẹ̀gbọ́n, olúkúlùkù sì mọ̀ pé ẹnì kejì òun náà rà á wọ́n. Nígbà tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló fi kún tiẹ̀ ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ kó máa dá lọ. Àmọ́ ẹ fọwọ́ kan ibi tó ń dun ìlà yẹn. Stigler, onímọ̀ ọrọ̀ ajé mìíràn, yẹ irú ọjà bẹ́ẹ̀ wò ní 1947, ó rí i pé àwọn olùdíje ń tẹ̀lé ẹni tó gbówó sókè bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé ẹni tó já a. Ìlà náà ò sì sọ ohun tó gbé owó dé 500 kó tó di pé ó dúró níbẹ̀.

Àgbà Zém: Èmi ò mọ Stigler. Ìgò ni mo mọ̀.

Ọmọ Kétu Pọ́ńbélé: Mo ní OJÚKÒKÒRÒ NI. Ẹ kàn ń fi ìṣirò bò ó mọ́lẹ̀.

Ọlọ́mi Tútù: Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí, mo ń kó omi fún irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tí á sọ pé òun ò ta 600. Lórí ìwé, 600 ni. Àmọ́ bí ìyá tó ń ta omi tútù bá ra 20 àpò, wọ́n á ní, “Màmá, ẹ fi méjì yìí ṣe ènì.” Ẹ wá pín 12 000 sí àpò 22. Ó lé díẹ̀ ní 545. Alẹ́ la máa ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé e, kí ẹnikẹ́ni má bàa kà á.

Sódábì Gbóná: Ọlọ́mi, wá sínú inbọ́ọ̀sì. Mo ti ronú pìwà dà, mo fẹ́ máa mu omi.

Tíṣà Lìsée: Ọlọ́mi ti tú àṣírí ẹ̀. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dúró ní 600, ká ní kálukú ń ta 180, èrè 45 000, ó sàn ju 30 000 àtijọ́ lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fún wọn lénì yóò ta bíi 300, á sì jẹ 58 500. Àwọn mẹ́ta tó pa àdéhùn mọ́ á bọ́ sí 140, èrè wọn di 35 000. Wọ́n á rí i pé ọjà ti lọ sílẹ̀, wọn ò ní mọ̀ bóyá òjò ló fà á àbí ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó bá ti fura á bẹ̀rẹ̀ ènì tiẹ̀. Ó tún wá ku ọ̀kan: wọn ò lè pe ara wọn lẹ́jọ́, torí òfin UEMOA ti 2002 lòdì sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Adájọ́ wo lẹ máa lọ bá pé “lágbájá ò bá wa fowó lé ọjà mọ́”?

Ọmọ Onísábẹ: Ẹ ti ṣìnà gbogbo yín. OPEC, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè elépo, ti wà láti 1960, kò túká. Àdéhùn máa ń dúró.

Tíṣà Lìsée: Orúkọ ò túká. Ní 1982 wọ́n pín iye tí kálukú máa fà. Àwọn kan ń fà ju ìpín wọn lọ, Saudi Arabia ló ń dín tiẹ̀ kù láti gbé owó ró, títí tó fi bọ́ láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 àgbá lójúmọ́ sí ìsàlẹ̀ mílíọ̀nù 3 ní 1985. Ó sú u, ó ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀. Ní 1986, owó epo já ju ìdajì lọ.

Ọmọ Onísábẹ: Síbẹ̀ ó ṣì wà.

Màmá Alátà: Àdéhùn tiwa tí à ń ta tòmátò ní Kétu dúró o. Ojú kan náà la jókòó sí, mo ń wo agbọ̀n rẹ, o ń wo tèmi. Ẹni tó bá já owó lulẹ̀ á san owó ìtanràn. Bí kò bá san, kò sẹ́ni tí á bá a pín ọkọ̀ ẹrù.

Ọmọ Kétu Pọ́ńbélé: Ẹ ò rí i! Ẹ̀yin lẹ sọ tòmátò di wúrà. Bí ẹni tó ti oko dé bá fẹ́ ta tiẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń lé e?

Màmá Alátà: Ìwọ ọmọ yìí, ṣé bẹ́ẹ̀ lo ṣe ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀? Ẹni tó ti oko dé kì í san owó àtẹ, kì í gbálẹ̀ ọjà.

Ọmọ Kétu Pọ́ńbélé: Ẹ má bínú, màmá. Àmọ́ ewé tó wà nídìí agbọ̀n ńkọ́? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì.

Tíṣà Lìsée: Màmá sọ ohun pàtàkì: níbi tí ojú ti ń rí i, tí ìyà sì wà...

Màmá Alátà: Tíṣà, ẹ dúró ná. Ewé wo? Ewé ni kì í jẹ́ kí tòmátò fọ́ lójú ọ̀nà! Ṣé o ti gbé agbọ̀n láti Kétu dé Kùtọnú rí?

Ọ̀dọ́ Àjàṣẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, omi mi ńkọ́? Ṣé ó máa padà sí 600?

Àgbà Zém: Èmi ti gbé e rí. Ewé pọ̀ ju tòmátò lọ.

Màmá Alátà: Ìwọ àti kpayo tí wọ́n lú! Mo ti mọ gbogbo yín.