Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó fẹ́ jápa, ohun tí a ń wò nínú sífíì yín rèé

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ẹ ń múra àtiwá sí Ìlú Ọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi sífíì ránṣẹ́. Mo wà lára àwọn tó ń ṣa sífíì fún wọ́ọ̀dù wa. Ó máa ń dùn mí tí àwọn èèyàn wa bá já bọ́ nínú iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìforúkọsílẹ̀ la kọ́kọ́ ń wò. Rẹ́jísítà NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, a ó sì tẹ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ yín síbẹ̀: nọ́ńbà méjì fún ọdún, lẹ́tà kan fún oṣù, nọ́ńbà mẹ́rin, lẹ́tà kan níparí. Ibẹ̀ la ti ń rí i bóyá RN1 lẹ jẹ́, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àgbàlagbà, tàbí RN3, ti àrùn ọpọlọ. Tí ẹ ò bá tíì wọlé síbẹ̀, ẹ má pe ara yín ní nọ́ọ̀sì tó ti forúkọ sílẹ̀ níbí. Ìwé àṣẹ Nàìjíríà kò dúró fún un, òfin kò sì gbà kí ẹni tí kò sí nínú rẹ́jísítà jẹ́ orúkọ náà. Ẹ kọ ibi tí ẹ dé gan-an: "Mo ti yege ìdánwò orí kọ̀ńpútà, ìdánwò àfọwọ́ṣe mi, ọ́sìkì, ku oṣù méjì." A lè fi ìyẹn ṣe nǹkan.

Lẹ́yìn náà, wọ́ọ̀dù tí ẹ ti ṣiṣẹ́ la ń wò. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ Nàìjíríà méjì béèrè fún iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ́dọ̀ wa, àwọn méjèèjì ló sì wà nínú rẹ́jísítà. Èyí àkọ́kọ́ kọ ọ́ pé: "Nọ́ọ̀sì, ilé ìwòsàn ìjọba, 2009 sí 2024. Mo ń tọ́jú aláìsàn, mo ń fún wọn lóògùn." Ó tán. Ọdún mẹ́rin péré ni èkejì ti ṣe, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀dì 28 ló wà ní wọ́ọ̀dù òun, pé nọ́ọ̀sì méjì ló ń wà níbẹ̀ lóru, tí aláìsàn 14 ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, pé òun ń fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára, òun sì ń ṣọ́ ṣúgà àwọn tí wọ́n ń fa ínsúlínì sí lára. Òun la pè.

Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ kọ̀wé béèrè ìdí tí a ò fi pè é, ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ó lo ọdún mẹ́sàn-án nídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án! Kò kọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀. Ohun tó bá wà lójú ìwé nìkan la lè fún ní máàkì, a ò gbọdọ̀ méfò, kódà bí èmi fúnra mi bá mọ bí ilé ìwòsàn ìjọba ṣe rí nílé.

Ẹ tún ṣọ́ra fún èyí: tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó níbí, ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gan-an, oṣù àti ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má pà á pọ̀ mọ́ ọdún tí ẹ fi ṣe nọ́ọ̀sì, torí a ó béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín níbẹ̀ irú iṣẹ́ tí ẹ ṣe.