Ìlù Kétu Nínú Ọkọ̀ RER

Ọmọ Àyàn, wọ́n ní físà ti jáde, wọ́n ní ìlù náà yóò sì bá ọ lọ. Ó dáa. Jókòó níbí. Tí o bá dé Páríìsì, tí o gbé ìlù wọ RER, ọkọ̀ ojú irin tó ń so Páríìsì mọ́ àwọn ìlú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, láago mẹ́jọ àárọ̀, kò sẹ́ni tí yóò jókòó ṣàlàyé ohunkóhun fún ọ. Kò tilẹ̀ sẹ́ni tó jókòó. Wọ́n to ara wọn bí ẹ̀kọ inú agbọ̀n, ewé nìkan ló kù kí wọ́n fi wé wọn, ẹnikẹ́ni kò sì kí ẹnikẹ́ni.

Ní Kétu níbí, ìlù kì í ṣe ẹrù. Wàá na ọwọ́ sí ọlọ́kadà, yóò gbé ìlù síwájú, ìwọ yóò gun ẹ̀yìn, ìyá kan yóò tún bẹ̀ ọ́ pé kí o bá òun gbé adìẹ méjì dání. Àwọn ará Ṣàbẹ́ yóò sọ fún ọ pé àwọn mọ ọkọ̀ ojú irin dáadáa, torí ojú irin Kùtọnu sí Parakú gba ìlú wọn kọjá. Má dá wọn lóhùn. Ọkọ̀ àtijọ́ tó máa ń dúró kí ìyá oníṣu ka ṣẹ́ǹjì rẹ̀ tán kọ́ là ń sọ. Eléyìí, ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò ké, yóò sì pa dé, ì báà jẹ́ Alákétu fúnra rẹ̀ ló gbé ẹsẹ̀ kan wọlé.

Ìlù tìrẹ yìí, ìlù onídùúró tí a fi èèkàn na awọ rẹ̀, jẹ́ ká sọ pé ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 85. Ojú rẹ̀ jẹ́ 35. O rò pé 35 yẹn ni wàhálà? Rárá o. Èèkàn ni wàhálà. Wọ́n yọrí síta lọ́tùn-ún lósì, nígbà tí o bá wọ̀n ọ́n láti orí èèkàn kan dé èyí tó kọjú sí i, ó ti di 50. Àwọn tó ń ṣètò ọkọ̀ ní Faransé sì máa ń ka èèyàn 4 sórí mítà onígun mẹ́rin kan nígbà tí ọkọ̀ bá kún. Ṣírò rẹ̀: 50 lọ́nà 50, ìdá kan nínú mẹ́rin mítà náà. Ìlù rẹ jẹ́ èrò kan gan-an, èrò tí kò san owó. Tí o bá wá dá a dùbúlẹ̀, ó di 85 lọ́nà 50, ó kù díẹ̀ kó di èrò méjì. Nítorí náà, ìnàró ni ìlù máa ń wà nínú ọkọ̀, kì í sùn. Ẹni tó bá dá ìlù dùbúlẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀, ìyá arúgbó kan yóò fi kẹ̀kẹ́ ọjà rẹ̀ gún un ní igbáròkó, kò sì ní tọrọ àforíjì.

Àtilé ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mú òòlù onígi kékeré, kan èèkàn kọ̀ọ̀kan sókè díẹ̀ kí awọ dẹ̀. Má yọ wọ́n o. O kàn fẹ́ kí ìlù tó ń ké “pá” bẹ̀rẹ̀ sí í dún “gbò” ni. Ìdí rẹ̀ ni pé awọ ewúrẹ́ máa ń fà tó bá gbẹ, ó máa ń rọ̀ tó bá mu ọ̀rinrin. Nígbà òtútù, pèpéle ibùdókọ̀ tutù bí inú fíríìjì, inú ọkọ̀ sì móoru, ó gbẹ bí ẹ̀ẹ̀rùn. Awọ tó ti fà tán láti ilé tún wọ inú ooru bẹ́ẹ̀, ibi tí èèkàn ti gún un ni yóò ti kọ́kọ́ ya. Wàá gbọ́ ọ, ohùn kan “fàà”, bí ẹni fa aṣọ àǹkárá ya. Àwọn aráàlú yóò wo bàtà ara wọn.

Lẹ́yìn náà, wá tìmùtìmù jákujàku tí ẹnìkan kò fẹ́ mọ́, gé e fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀, wé e yí èèkàn ká, kí o fi okùn so ó. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju àpò lọ. Èèkàn tí a kò bò máa ń fi ìka mú ẹ̀wù èèyàn. Obìnrin kan yóò sọ̀ kalẹ̀, ìborùn rẹ̀ yóò kù lọ́wọ́ ìlù, o wá di olè. Àpò tí wàá fi bò ó, kó jẹ́ oníṣíìpù, kí ṣíìpù rẹ̀ wà lókè. Tí ọlọ́pàá bá ní òun fẹ́ rí i, fà á, kó rí awọ, kó rí igi, ó parí. Má fi aṣọ òkè wé e bí ọmọ tuntun, wọn yóò dìde fún ọ ní àyè, ojú yóò sì tì ọ́ nígbà tí wọ́n bá bi ọ́ pé oṣù mélòó ni. Ìsàlẹ̀ ìlù ṣófo, mo mọ̀, mo sì mọ̀ pé ìyá rẹ ti ń wò ó. Má jẹ́ kí ó fi gàrí sínú rẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun nínú igi tí a gbẹ́, lábẹ́ ilẹ̀, níwájú ajá ọlọ́pàá: ta ni yóò gbà ọ́ gbọ́?

Ní ti wákàtí, wọ́n ti bá ọ pín in láìmọ̀. Lọ́jọ́ iṣẹ́, wọn kì í jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ ológeere wọ ọkọ̀ RER láti aago 6:30 sí 9:30 àárọ̀, àti láti 16:30 sí 19:30 ìrọ̀lẹ́. Òfin yẹn kò dárúkọ ìlù. Ṣùgbọ́n ibi tí kẹ̀kẹ́ kò ti lè mí, ìlù kò lè mí níbẹ̀. Tí ìlù yóò bá dún láago méjìlá, jáde láago mẹ́wàá. Tí ó bá di dandan pé aago mẹ́jọ ni, gbọ́ ìyókù.

Jẹ́ ká sọ pé La Courneuve – Aubervilliers lo ń gbé, Vincennes ni òde wà. Ohun tí yóò kọ́kọ́ dojú kọ ọ́ ni ilẹ̀kùn tó ń jẹ tíkẹ́ẹ̀tì. O mọ Akaba Ìdẹnà tiwa, ẹnubodè tí àwọn baba wa kọ́ kí ọ̀tá má baà rọ́ wọlé Kétu? Ó jọ pé ẹnìkan wá wò ó, ó lọ kọ́ irú rẹ̀ sí Páríìsì, ó wá fi irin ṣe é. Má gbé ìlù gba ọ̀nà tóóró. Wàá kọjá, ìlù yóò kù lẹ́yìn, ilẹ̀kùn yóò há mọ́ yín láàárín bí ẹni tí wọ́n ń bá dá ẹjọ́ ìyàwó. Wá ọ̀nà fífẹ̀, èyí tí wọ́n ya àwòrán ẹrù tàbí kẹ̀kẹ́ ọmọ sí, ẹ̀gbẹ́ ló sábà máa ń wà.

Lórí pèpéle, má dúró sí ibi tí àtẹ̀gùn ti sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀lẹ ń dúró sí. Rìn dé ìparí pèpéle, ọkọ̀ iwájú tàbí ti ẹ̀yìn pátápátá máa ń fúyẹ́ díẹ̀. Sọ ìlù kalẹ̀ kúrò ní èjìká kí ọkọ̀ tó dé. Ìlù tó bá wà lẹ́yìn rẹ, ìwọ yóò yí ojú sọ́tùn-ún, òun yóò gbá ẹni tó wà lósì. Gbá a mọ́ àyà, kí o máa wí pé “páádọ̀ọ̀”. Páádọ̀ọ̀ ni àgò wọn. Tí a bá ní “àgò” níbí, wọn yóò ní “àgò yà”. Níbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń yà. Ṣùgbọ́n máa wí i, ẹni tí kò wí i ni wọ́n ń bú.

Jẹ́ kí gbogbo èèyàn wọlé tán, kí o tó wọlé kẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ọmọ Kétu kì í fẹ́ ṣe ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni wọ́n ń tì lọ sí àárín, tí yóò sì máa gbé ìlù la orí àádọ́ta èèyàn kọjá nígbà tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Fi ìlù ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, fi orúnkún méjèèjì há a, di ọ̀pá irin mú. Àga pélébé kan wà níbẹ̀ tó ń ká sókè, má jókòó lé e tí ọkọ̀ bá kún, àmì tó wà níbẹ̀ ní kí o dìde. Ní Gare du Nord, èrò yóò tú jáde. Sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìlù, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kí wọ́n kọjá, padà wọlé. Má fi ìlù sílẹ̀ nínú kí ìwọ nìkan sọ̀ kalẹ̀ o.

Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí o gbọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ìlù àti ìwọ kì í pínyà. Má fi í sílẹ̀ lọ ra omi, má fi í sílẹ̀ lọ wá àga, má rìn jìnnà sí i ní mítà márùn-ún nítorí pé o rí ọmọ Àjàṣẹ́ kan tó ń fi èdè wa pariwo lórí fóònù. Ẹrù tí kò ní olówó, bọ́ǹbù ni wọ́n ń pè é. Wọn yóò dá ọkọ̀ dúró, wọn yóò lé èèyàn jáde, àwọn ọkùnrin aláṣọ wúwo yóò wá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ yóò pẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ọ̀gá wọn yóò bi wọ́n pé kí ló dé. Wọn yóò ní: ìlù.

Ní Châtelet – Les Halles lo ti ń kúrò nínú ọkọ̀ RER ìlà B bọ́ sínú ti ìlà A. Tí àtẹ̀gùn arìn-fúnra-rẹ̀ bá kàn ọ́, ọ̀tún ni ẹni tó dúró ń dúró sí, òsì jẹ́ ti àwọn tó ń sáré. Tí o bá ń gòkè, ìlù wà lórí ìgbésẹ̀ tó wà níwájú rẹ. Tí o bá ń sọ̀ kalẹ̀, ìwọ ni kó wà níwájú, ìlù lẹ́yìn. Ọ̀nà méjèèjì, ìwọ lo wà nísàlẹ̀ ìlù. Ó sàn kó wó lù ọ́ ju kó yí lọ bá àwọn tí kò mọ oríkì rẹ̀.

Ọkọ̀ A yẹn, alájà ni. Bí o bá wọlé, àtẹ̀gùn kan gòkè, òmíràn sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ yóò sì fẹ́ lọ sókè kó lọ wo ìran. Àwọn àtẹ̀gùn náà tóóró, ìlù oníèèkàn yóò dí wọn pa. Ibi tó tẹ́jú níwájú ilẹ̀kùn ni tìrẹ. Má sì gbé ìlù sí ẹ̀bá ihò tí atẹ́gùn gbígbóná ń gbà jáde nísàlẹ̀ ògiri. Fi ọwọ́ kàn án wò láàárín ọ̀nà: tí awọ bá le, tó gbóná díẹ̀, yí i padà kó kọjú sí ilẹ̀kùn. Má lù ú wò. Ẹni kan ṣoṣo tó bá ń sùn nínú ọkọ̀ náà ni yóò jí, òun náà ni yóò sì bínú jù.

Gare de Lyon, Nation, Vincennes. Bí o bá ti kúrò ní Nation, di ìlù mú, kọjú sí ilẹ̀kùn, torí ẹni tó ń fà lẹ́yìn ni wọ́n ń gbé dé ibùdó tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí o bá dé òde, má kan èèkàn lójú ẹsẹ̀. Ìlù tó wá láti inú òtútù máa ń làágùn nínú ilé. Jẹ́ kó gbà tó ogún ìṣẹ́jú, nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ, kí o wá máa kan èèkàn, èyí tó kọjú sí ara wọn ní méjì méjì, títí yóò fi padà sí “pá”. Àwọn tó pè ọ́ yóò ti máa wo aago. Sọ fún wọn pé ọkọ̀ kún. Wọn yóò gbà ọ́ gbọ́, ọkọ̀ kan náà ló gbé wọn wá.