Ẹ jẹ́ kí iná mọ́tò gbẹ kí ẹ tó ya fọ́tò rẹ̀

Èrò ọkàn mi ni pé, nínú àwọn fọ́tò "bó ṣe wà tẹ́lẹ̀" àti "bó ṣe rí báyìí" tí àwa tí ń tún ara mọ́tò ṣe ní Àkúrẹ́ ń gbé sórí Fesibúùkù àti Wasáàpù, èyí tí ó ń tan oníbàárà jẹ jù lọ kì í ṣe èyí tí wọ́n fi áàpù tún ṣe. Ojú àwọn ènìyàn ti là sí ti áàpù. Bí fíltà bá ti pọ̀ jù lára fọ́tò, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á sì kọjá. Èyí tí ó ń mú owó lọ́wọ́ wọn ni fọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, tí ó jáde láti inú fóònù gẹ́gẹ́ bí fóònù ṣe yà á, ṣùgbọ́n tí omi, òróró, òjìji tàbí eruku ti bá olówò náà parọ́ kí ó tó tẹ bọ́tìnnì. Iná iwájú mọ́tò ni n ó fi ṣe àlàyé, nítorí pé òun ni a máa ń gbé jáde jù, òun náà ni ó sì rọrùn jù láti fi tan ojú.

Gíláàsì ni gbogbo wa ń pe ojú iná yẹn, ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn mọ́tò tí a ń gùn báyìí, ike líle tí à ń pè ní polikábónéètì ni. Àwọn tí ó ṣe mọ́tò máa ń fi kílíà tín-ínrín kan bo ike náà kí oòrùn má baà rí i jẹ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, oòrùn á jẹ kílíà yẹn tán níbì kan, á ku díẹ̀ níbòmíràn, ike tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ojú rẹ̀ á sì kún fún àwọn ìlà kéékèèké tí ojú lásán kò lè kà. Àwọn ìlà wọ̀nyí ni wọ́n ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, ìdí nìyẹn tí iná náà fi máa ń rí kurukuru bí a bá wò ó.

Níbẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn ti rọrùn. Bí ẹ bá da omi sí ojú iná tí ó ti ṣú, omi náà á wọ inú àwọn ìlà kéékèèké wọ̀nyẹn, á dí wọn, ojú ike á sì tẹ́jú fún ìgbà díẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ á fi lè gba inú rẹ̀ kọjá láìfọ́nká. Iná náà á mọ́ lójú yín bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ẹ dúró kí oòrùn Ọ̀nà Ọba Àdésìdà gbẹ omi náà, ẹ ó rí i pé kurukuru náà ti padà. Òróró ń ṣe ohun kan náà, àfi pé ó máa ń pẹ́ díẹ̀ ju omi lọ, títí di ìgbà tí òjò bá rọ̀ tàbí tí wọ́n bá fi ọṣẹ fọ mọ́tò. Ó tún ku àwọn tí ń fi òògùn ẹ̀fọn tí à ń fín sára nu ojú iná. Àwọn òògùn yẹn tí ó ní èròjà dííìtì máa ń yọ́ ojú ike náà díẹ̀, ojú rẹ̀ á sì dán lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ara ike ni wọ́n ń bàjẹ́ yẹn, bí ó bá sì tún ṣú, ó lè burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọṣẹ ìfọyín sàn ju ìyẹn lọ nítorí pé ó ń ha ìdọ̀tí tí ó pọ́n kúrò ní tòótọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé kò fi ohunkóhun bo ike náà lẹ́yìn tí ó ti ha á tán.

Ẹni tí ó bá ya fọ́tò láàárín ìṣẹ́jú tí omi tàbí òróró ṣì wà lójú iná kò nílò áàpù kankan, ó sì lè búra pé òun kò tún fọ́tò náà ṣe. Òtítọ́ ni yóò sọ, irọ́ ni oníbàárà yóò sì rà.

Iṣẹ́ tí ó pé kò ní àṣírí. A ó fi téèpù bo ara mọ́tò yí iná náà ká, a ó sì fi sáńpépà olómi ha á, láti orí nọ́ḿbà 800 lọ sí 1500, lẹ́yìn náà 2000, kí a tó parí rẹ̀ sí 3000. Kílíà àtijọ́ gbọ́dọ̀ ṣí kúrò pátápátá, nítorí pé ibi tí ó bá ṣẹ́kù sí yóò hàn bí àpá lẹ́yìn iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó fi ẹ̀rọ àti pólíìṣì dán an, tí a ó fi sípírítì tí a bu omi là nù ún kí òróró inú pólíìṣì lè kúrò, tí a ó sì wá fín kílíà tuntun tí ó lè dènà oòrùn sí i. Kílíà yìí ni ó ń mú iṣẹ́ náà tọ́jọ́. Ẹni tí ó bá dúró sí orí pólíìṣì nìkan ti ṣí ìhòòhò ike náà sí oòrùn, fọ́tò tí a yà lọ́jọ́ náà kò sì lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín èyí tí a fín ní kílíà àti èyí tí a kò fín, nítorí pé méjèèjì ń dán bákan náà.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan sọ. Màmá kan tí ó jẹ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì gbé Toyota Corolla tòkunbọ̀ wọn wá láti Ìjàpọ̀. Iná apá òsì ti ṣú gan-an nítorí pé apá yẹn ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń bá níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, tí apá ọ̀tún sì sàn díẹ̀. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, eruku ti bo mọ́tò náà pátápátá. Ká ní mo ya fọ́tò àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀, ìdajì ìyàtọ̀ tí ẹ ó rí lẹ́yìn iṣẹ́ ì bá jẹ́ ti ọṣẹ àti omi, n ó sì gba ìyìn iṣẹ́ sáńpépà lórí rẹ̀. Nítorí náà mo kọ́kọ́ fọ mọ́tò náà, mo nù ún gbẹ, mo sì dúró kí omi etí iná sun tán.

Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí òjìji wà ṣùgbọ́n tí ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀, nítorí pé abẹ́ tapólì kò dára rárá: tapólì búlúù máa ń sọ ohun gbogbo di búlúù, ti ìyeyè sì máa ń mú kí iná tí kò ṣú tó bẹ́ẹ̀ dà bí èyí tí ó ti jóná. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ilẹ̀ níbi tí mo dúró sí, kí n lè padà síbẹ̀. Iná náà wà ní pípa, nítorí pé iná tí a tàn máa ń bo kurukuru mọ́lẹ̀. Mo sì fi ìka tẹ ojú fóònù mọ́lẹ̀ títí AE/AF LOCK fi hàn lókè, èyí tí kì í jẹ́ kí fóònù mú ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí i tàbí dín in kù fúnra rẹ̀. Lórí fóònù mìíràn, àwòrán àgádágodo ni yóò hàn.

Nígbà tí màmá rí i pé mò ń ya apá méjèèjì, wọ́n ní, "Ọmọ mi, apá òsì ni kí o fi polówó, kí wọ́n lè rí i pé o ṣiṣẹ́." Mo dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, mà, ṣùgbọ́n òsì ni n ó fi sí ẹ̀gbẹ́ òsì." Àwọn kan máa ń ya èyí tí ó burú ní ìṣáájú, kí wọ́n sì ya èkejì rẹ̀ tí kò burú rí lẹ́yìn iṣẹ́.

Nígbà tí mo ha ìdajì iná òsì dé orí 3000 tí mo sì dán an, mo yọ téèpù àárín kúrò, mo ya ìdajì tí a ti ṣe àti ìdajì tí a kò tíì ṣe pọ̀ sínú fọ́tò kan ṣoṣo. Nínú gbogbo fọ́tò, irú èyí ni mo fọkàn tán jù, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kan náà ni ó bà lé ìdajì méjèèjì. Fọ́tò ìkẹyìn dúró de ìgbà tí kílíà gbẹ, mo sì padà sí orí ìlà ṣọ́ọ̀kì ní àárọ̀, ní déédéé àkókò tí mo ya ti àkọ́kọ́.

Iná náà mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìlà díẹ̀ ṣẹ́kù nínú ike lọ́hùn-ún, níbi tí sáńpépà kò lè dé, ìwọ̀nyẹn kò sì ní kúrò láé. Mo kọ ọ́ sí abẹ́ fọ́tò. Màmá kà á, wọ́n bi mí pé, "Kí ló dé tí o ń tú àṣírí iná mi fún gbogbo ayé?" Mo ní, "Mà, mo ti fi pépà bo nọ́ḿbà mọ́tò yín, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé tiyín ni. Bí n kò bá kọ ọ́, ẹni tí iná tirẹ̀ fọ́ nínú yóò gbé e wá, yóò sì rò pé mo lè yọ ọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo kọ̀ láti kọ ni pé wọn yóò ríran dáadáa ní alẹ́. Fọ́tò ọ̀sán kò lè jẹ́rìí sí ìyẹn. Bí dígí tí ó wà nínú iná bá ti ṣú tàbí tí gílóòbù ti rẹ̀, ojú iná lè mọ́ kedere kí ọ̀nà Ọwọ̀ sì ṣókùnkùn bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, kí ó tan iná náà sí ara ògiri ní alẹ́, kí ó wọn bí mọ́tò ṣe jìnnà sí ògiri, kí ó ya á ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú fóònù tí ó ti ti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pa bí mo ṣe sọ lókè. "Kò ní pọ́n mọ́ láéláé" ni mo kórìíra jù nínú ọ̀rọ̀ ìpolówó wa, nítorí pé kílíà tí ilé iṣẹ́ fín sí i pàápàá kò dúró títí láé. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 tí ìjọba àpapọ̀ ṣe sì lòdì sí kí oníṣòwò sọ ohun tí kì í ṣe òtítọ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹni tí ń fọ mọ́tò lẹ́bàá ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo fọ́tò wa, ẹ wá àpá kan tí kò kan iṣẹ́ náà, bí ibi tí òkúta ti gé ọ̀dà lára bọ́ńpà. Bí ó bá wà nínú ti àkọ́kọ́ tí kò sí nínú èkejì, tí wọn kò sì sọ pé àwọn kun bọ́ńpà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ mọ́tò mìíràn. Ẹ wo ilẹ̀ àti etí iná bóyá omi ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá lọ síbẹ̀ fúnra yín, ẹ ní kí wọ́n fi aṣọ tí ó ní omi ọṣẹ nu èyí tí wọ́n ṣe tán, kí ẹ sì dúró kí ó gbẹ.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan sọ fún mi pé irú fọ́tò tèmi kì í fa èrò. Òótọ́ ni pé kò dán tó tiwọn. Ṣùgbọ́n mo máa ń kọ oṣù àti ọdún sí abẹ́ rẹ̀, bí oníbàárà bá sì padà wá fọ mọ́tò, mo máa ń ya ẹ̀kẹta níbi kan náà, mo sì máa ń gbé e sí abẹ́ méjì ìṣáájú. Ti màmá yẹn kò dán tó ti ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ́, kò sì tíì pọ́n. Méjèèjì ni mo kọ. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká kílíà, pólíìṣì nìkan ni mo máa ń ṣe fún un, ohun tí ẹ ó sì kà sí abẹ́ fọ́tò tirẹ̀ ni: "Pólíìṣì nìkan, kò sí kílíà. Ó lè tún pọ́n láàárín oṣù díẹ̀."