Síìfí tó fi ìlà márùn-ún wọ ojú ìwé kejì: lẹ́tà kọ́ ló jẹ̀bi

Bí síìfí tá a fi ń wá iṣẹ́ bá fi ìlà díẹ̀ wọ ojú ìwé kejì, ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo wa ni pé ká dín ìwọ̀n lẹ́tà kù. Ẹni tó wà ní 11 á sọ ọ́ di 10. Bí kò bá tíì gbà, á sọ ọ́ di 9, á tún fa ọ̀rọ̀ dé etí ìwé pátápátá. Kubwa ní Àbújá níbí ni mo ti ń ṣe bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, kò jìnnà sí bùdó àwọn àgùnbánirọ̀, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í sì í wọ́n lórí tábìlì mi. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Mi ò ní parọ́ pé dídín lẹ́tà kù kì í ṣiṣẹ́. Bí ojú ìwé kan bá gba nǹkan bí ìlà márùndínláàádọ́ta ní 11, á gba bí ìlà mẹ́rin sí i bí ẹ bá sọ ọ́ di 10. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa kà á ló máa san gbèsè yẹn. Ẹ rántí pé ìwé tí ẹ mú lọ sí Sẹkitéríàtì Ìjọba Àpapọ̀ lè jẹ́ ẹ̀dà ẹ̀dà kó tó dé iwájú ọ̀gá tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, tí tádàwá ẹ̀rọ tó ṣe ẹ̀dà náà sì ti ń tán lọ. Lẹ́tà 9 lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ dà bí ipasẹ̀ èèrà. Bí ẹnì kan bá ní 10.5 lòun fẹ́, a ò jà.

Ọmọkùnrin kan wá bá mi lẹ́yìn tó parí ìsìnrú ìlú ní ìpínlẹ̀ Nasarawa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ibòmíràn ni wọ́n ti bá a tẹ síìfí rẹ̀ jáde: lẹ́tà 9, ọ̀rọ̀ sì ti sún mọ́ etí débi pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gé lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ìlà jẹ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé orí tábìlì kì í lè tẹ nǹkan sí nǹkan bíi mìlímítà mẹ́rin tó kángun sí etí ìwé, ohunkóhun tó bá bọ́ síbẹ̀ ti lọ. Mo dá lẹ́tà padà sí Calibri 11, mo dá etí ìwé padà sí ínǹṣì kan yíká. Ìlà márùn-ún ló wọ ojú ìwé kejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i? Kò lè gbà á."

Mo ní kó jókòó.

Ibi tí mo kọ́kọ́ wò nínú `Word` ni `Layout`, lẹ́yìn náà `Size`. `Letter` ló wà níbẹ̀. Ìwọ̀n ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà nìyẹn, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló sì máa ń bá a dé láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Bébà tí à ń rà ní Wuse àti níbi gbogbo ní Nàìjíríà, `A4` ni. `A4` fi mìlímítà méjìdínlógún ga ju `Letter` lọ. Ní lẹ́tà 11, bí ìlà mẹ́ta àti ààbọ̀ nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kankan. Ó fi bíi mìlímítà mẹ́fà tín-ín-rín jù ú lọ ṣá, nítorí náà gbólóhùn kan tó ti wà lójú ìlà kan tẹ́lẹ̀ já sí méjì. A jèrè mẹ́ta, a pàdánù ẹyọ kan. Ó ku ìlà mẹ́ta.

Lẹ́yìn èyí mo tẹ `Ctrl+Shift+8`. Àmì `¶` máa ń yọ níbi gbogbo tí èèyàn bá ti tẹ `Enter`. Ibi tí àmì yẹn bá ti dá dúró, tí kò sí ọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀, ìlà òfìfo nìyẹn. Mẹ́ta ló wà nínú tirẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lókè àkọlé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé `Enter` òfìfo máa ń jẹ ju ìlà kan lọ. Bí `Word` 2013 títí dé 2021 ṣe máa ń wà tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú Calibri 11, ìlà kan ń gba bíi póìntì 14.5, ó sì tún ń fi póìntì 8 sí ìsàlẹ̀ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Òfìfo kan wá ń jẹ bíi 22.5. Mo pa àwọn mẹ́ta náà rẹ́, mo wá fún àkọlé wọn ní póìntì 10 ní `Spacing Before`. Àlàfo ṣì wà lójú, ìwé náà ò há, ṣùgbọ́n ìlà méjì padà sọ́wọ́ wa. Ó ku ẹyọ kan.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Ẹni tó fẹ́ gé ọ̀rọ̀ sábà máa ń lọ síbi tí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, á gé mẹ́fà níbẹ̀, ìlà kan ò sì ní dínkù. Òpin ìpínrọ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Bí ìlà tó gbẹ̀yìn bá kún dé apá ọ̀tún, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ló dá jókòó síbẹ̀, odidi ìlà kan ló gbà dání. Ẹ gé ọ̀rọ̀ méjì níbikíbi nínú ìpínrọ̀ náà, ìlà yẹn á wọlé sókè.

Mẹ́ta irú rẹ̀ wà nínú ìwé ọmọ yìí. Ó kọ ọ́ síbì kan pé ojúṣe òun ni láti máa kó ìwé owó àwọn oníbàárà jọ, kí òun sì fi wọ́n sínú kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́. "Lójoojúmọ́" nìkan ló dá wà nísàlẹ̀. A yọ "ojúṣe mi ni láti" kúrò, a bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ gan-an, ìlà kan wọlé. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún méjì yòókù. Ẹyọ kan là ń wá, mẹ́ta la rí, méjì wá ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ojú ìwé kìíní. Mo ní kó má fi nǹkan kan kún un.

Ó fẹ́ yọ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, nítorí ó gbọ́ pé wọn ò lò ó mọ́. Fún ilé iṣẹ́ aládàáni, ẹ lè yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé òfin 1999 ní kí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fi ìrísí gbogbo orílẹ̀-èdè hàn, nítorí náà wọ́n á béèrè ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ kàn kó méjèèjì sójú ìlà kan.

Bí ohun tó wọ ojú ìwé kejì bá tó ìdajì ojú ìwé, gbogbo èyí ò ní ràn yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ojú ìwé méjì, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí èkejì ní nǹkan nínú. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í tijú ojú ìwé méjì.

Ìlà méjì tí mo ní kó fi sílẹ̀ ńkọ́? Lọ́jọ́ kejì ó pè mí, ó ní ìlà kan tún ti wọ ojú ìwé kejì lórí fóònù àbúrò òun. Fáìlì `Word` fúnra rẹ̀ ló fi ránṣẹ́. Fóònù náà ò ní Calibri, ó fi irú lẹ́tà mìíràn tó fẹ̀ díẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ìlà méjì tá a fi pamọ́ ò sì tó. Mo ní kó lọ sí `Save As`, kó yan `PDF`, kó tó tún fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni. Ó ṣí èyí lórí fóònù kan náà, ojú ìwé kan ló rí.