Yìnni Yìnni, Kí Ẹni Ṣe Òmíràn: Ọ̀rọ̀ Ìdúpẹ́ fún Àwọn Olùtọ́jú Yàrá àti Àwọn Agbẹ́rù Wa

Ẹ̀yin olówó ilé ìtura yìí, ẹ̀yin ọ̀gá ẹ̀ka gbogbo, ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí a tìtorí yín pé jọ sí Ìbàdàn lálẹ́ òní, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwọn àgbà ní, “Yìnni yìnni, kí ẹni ṣe òmíràn.” Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òwe yìí kò ju pé kí ọ̀gá máa fi ọ̀rọ̀ dídùn tu òṣìṣẹ́ rẹ̀ nínú. Lójú tèmi, ó béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tí kò mọ ohun tí ènìyàn ṣe kò lè yìn ín kí ó dé inú. Ìdí nìyí tí n kò fi ní í dúró lórí pé ẹ jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun. Iṣẹ́ ọwọ́ yín gan-an ni mo fẹ́ sọ, kí àwọn tí wọn kò wọ yàrá rí lẹ́yìn tí àlejò bá ti jáde lè mọ ohun tí a ń dúpẹ́ lé lórí.

Bí àlejò bá kó ẹrù rẹ̀ jáde ní agogo méjìlá ọ̀sán, ẹlòmíràn lè ti jókòó sí ibi ìgbàlejò tí ó ń dúró de yàrá kan náà. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 45, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò sọ yàrá tí wọ́n ti sùn, tí wọ́n ti jẹun, tí wọ́n ti wẹ̀, di èyí tí ó dà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́ rí. Ọ̀gbẹ́ni tàbí obìnrin tí iṣẹ́ yìí ti mọ́ lára kì í ti orí bẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ ṣí fèrèsé, yóò da oògùn sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ó tó wá yọ àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Oògùn apakòkòrò kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà lórí ohun tí a dà á sí láìgbẹ fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀. Ẹni tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ á fọ́n ọn, á sì nù ún kúrò lẹ́sẹ̀ kan náà. Ibẹ̀ á máa dán, á máa ta sánsán, bẹ́ẹ̀ kòkòrò kò kúrò níbẹ̀. Àlejò kò lè fi ojú rí ìyàtọ̀ náà, èmi pàápàá tí mò ń yẹ yàrá wò kò lè rí i. Ẹ̀rí ọkàn ẹni tí ó di ìgò oògùn mú nìkan ni ó mọ̀ ọ́n.

Gbogbo yín ni ẹ mọ ìyá tí ó ń bójú tó àjà kejì. Omi kànga ẹ̀rọ wa máa ń fi àbàwọ́n pupa bí ìpẹtà sílẹ̀ nínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti da oògùn ìfọ̀ tí ó ní ásíìdì nínú sí i. Nígbà tí àbàwọ́n náà kò tètè kúrò, ó da bílíìṣì lé e. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, gáàsì kílórínì ni ó máa ń jáde, ìyẹn sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ nínú yàrá kékeré. Ìyá ti ojú ọ̀nà gbọ́ òórùn náà, ó gbọ́ ikọ́, kò sì dúró bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun. Ó fa ọmọ náà jáde lọ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ó ti ilẹ̀kùn pa, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni padà wọlé títí òórùn náà fi lọ tán. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó ti ọmọ náà tí ó sì ṣàlàyé fún un pé bílíìṣì kì í mú ìpẹtà kúrò, pé ńṣe ni ó tún máa ń mú kí ó lẹ̀ sí i. Ìyá yìí kan náà ni ó ní kí ìgò méjèèjì má ṣe bá ara wọn gun kẹ̀kẹ́ iṣẹ́ kan náà mọ́, a sì ń tẹ̀ lé e títí di òní. Ẹ̀mí ènìyàn ni a ń dúpẹ́ fún níbẹ̀ yẹn.

Iṣẹ́ mìíràn tún wà tí a máa ń ṣe nígbà tí àlejò kò pọ̀. Yàrá tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí, ẹ̀yin ni ẹ máa ń wọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti jẹ́ kí omi ẹ̀rọ àti ti ṣáwà ṣàn dáadáa, nítorí pé kòkòrò tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ lè pọ̀ sí i nínú omi tí ó dúró pẹ́ nínú páìpù. Bí ẹ kò bá sì da omi sí ihò ìdominù tí ó wà nílẹ̀, omi inú rẹ̀ á gbẹ, òórùn kòtò ìdọ̀tí á sì gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ̀yin agbẹ́rù wa, mo wá bá yín. Nígbà tí bọ́ọ̀sì kan kó àwọn àlejò ìgbéyàwó dé, àpótí dúdú tí ó jọra wọn ni ó kún ilẹ̀ bámúbámú. Bàbá tí ó dàgbà jù nínú yín kò jẹ́ kí a gbé ẹyọ kan kúrò nílẹ̀ títí ó fi kà wọ́n lójú àwọn tí wọ́n ni wọ́n. Ó ya ìwé sí méjì, ó kọ nọ́ńbà yàrá sí apá méjèèjì, ó so ọ̀kan mọ́ àpótí, ó fún ẹlẹ́rù ní ìkejì. Ní alẹ́, obìnrin kan pariwo pé wọ́n ti jí àpótí òun. Wọ́n ní kí ó mú ìwé rẹ̀ wá, kò ní. Ìyẹn ni a fi mọ̀ pé àpótí náà kò tíì dé ọwọ́ wa rárá. A pe awakọ̀, ó wá inú bọ́ọ̀sì, ó sì rí i lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Bí kò bá sí ìwé yẹn ni, orúkọ olè ni ì bá lẹ̀ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lára.

Ẹ̀yin olówó ilé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹ̀yìn àti èjìká ni iṣẹ́ yìí máa ń jẹ, nítorí gbígbé tìmùtìmù sókè àti gbígun àtẹ̀gùn pẹ̀lú ẹrù nígbà tí iná bá lọ tí ẹ̀rọ agbénisókè sì dúró. Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé ilé iṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 15 gbọ́dọ̀ san ó kéré tán ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, kí òṣìṣẹ́ náà san ìdá 8, kí owó náà sì dé ibi tí ó yẹ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí a bá san owó oṣù. Òfin ti ọdún 2010 tí ó dá lórí ẹni tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ tún ní kí agbanisíṣẹ́ san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù sínú àpò tí wọ́n fi ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Yíyìn tí kò bá kan ibi wọ̀nyí, etí lásán ni ó ń dùn mọ́.

Nítorí náà, nínú àpò ìwé tí ẹ̀yin tí a ń dá lọ́lá máa gbà pẹ̀lú ẹ̀bùn yín, àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì olúkúlùkù wà níbẹ̀, oṣù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nílé, tàbí kí ẹ fún ọmọ yín kí ó bá yín kà á. Bí oṣù kan bá sọnù nínú rẹ̀, ẹ mú un wá sí ọ́fíìsì mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ má ṣe gba ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni kọjá. Ó yá o, àwọn agbẹ́rù ni yóò kọ́kọ́ jáde, kí àwọn olùtọ́jú yàrá tẹ̀ lé wọn, láti àjà kìn-ín-ní sókè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà ní ìlà iwájú, ẹ dìde, ẹ bá wọn gbé ẹrù wọn.